Ìrìn àárọ̀ àti ìdárayá kékeré fún aláboyún, láti ọ̀sẹ̀ 14 sí ọ̀sẹ̀ 27

Nígbà tí oyún bá wọ ọ̀sẹ̀ 14, èébì àárọ̀ máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Oúnjẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, oorun tó ń kunni látàárọ̀ á dínkù, ara á sì jí. Láti ìgbà yìí títí dé ọ̀sẹ̀ 27 ni ara aláboyún máa ń le jù. Àkókò yìí kan náà ló sì máa ń tan aláboyún jẹ jù. Bí okun ṣe ń padà bọ̀ ni nǹkan méjì mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nínú ara: iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ń wálẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwọn okùn ara tó so egungun ìbàdí pọ̀ náà ń dẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ ìbí. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ọjà Òkè-Àjẹ, kó tún fẹsẹ̀ rìn padà, kò ní mọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó bá fẹ́ yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ni ìbàdí á tó jẹ́ kó mọ̀.

Nítorí náà, bí ara ṣe yá tó kọ́ la ó fi wọn ìrìn. Èémí la ó fi wọ̀n ọ́n.

Ẹni tí oyún rẹ̀ ń lọ déédéé, tí ọmọ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, tí kò sì máa ń ṣe ìdárayá tẹ́lẹ̀ la ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ìyá ọjà lè ní, "Ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe látàárọ̀ kò tó ni?" Ó tó láti mú kó rẹni, àmọ́ kò tó láti mú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́. Kí a jókòó wákàtí mẹ́ta sídìí ọjà, kí a dìde lójijì láti fa àpò ẹrù kan, kí a tún jókòó: ẹ̀yìn nìkan ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ná. Ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020 ní kí aláboyún tí kò ní ìdíwọ́ máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n, kó sì fi èyí tó ń fún iṣan lágbára kún un. 30 ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Kí ẹ tó wọ bàtà

Ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó kàn, yálà ilé ìwòsàn ńlá lẹ ń lò ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, tàbí ilé ìlera alábọ́dé tó wà ládùúgbò yín.

Èkíní ni ibi tí olóbì ọmọ lẹ̀ mọ́. Bí àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú bá fi hàn pé ó bo ẹnu ilé ọmọ tàbí pé ó sún mọ́ ọn gan-an, dókítà ló máa sọ ohun tí ẹ lè ṣe àti ìgbà tó yẹ kí ẹ dáwọ́ dúró, nítorí ó lè mú ẹ̀jẹ̀ wá. Èkejì ni ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ju èròjà pupa rẹ̀ lọ lákòókò yìí, ìdí nìyẹn tí iye PCV tí wọ́n ń kọ sínú káàdì fi máa ń wálẹ̀ díẹ̀ lára aláboyún tó lera pàápàá. Ṣùgbọ́n bó bá ti wálẹ̀ ju 30 lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá ojútùú sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré á mú kí ọkàn máa sáré láti kárí ara, ìrìn á tún wá dì kún un. Ẹ̀kẹta ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, pé ó wà níbi tó yẹ kó wà.

Ẹni tí wọ́n ti rán ẹnu ilé ọmọ fún, ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀, ẹni tó lóyún ìbejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: ìtọ́sọ́nà yìí kò wà fún un, àfi èyí tí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí. Bí ibà bá sì mú yín, kò sí ìrìn lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ. Ara tó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ tún gbóná sí i.

Ní ti bàtà, kánfáàsì tó bo gìgísẹ̀ ló dáa. Ẹ gbé e sọ́wọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ iwájú rẹ̀ wá sókè. Ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń ká ló yẹ kó ti ká. Bó bá jẹ́ àárín gan-an ló ti ká sí méjì bí ìwé, kò ní gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ sì ṣẹ́ kù níwájú. Sílípáàsì kò dáa fún ìrìn yìí, nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní láti máa há a mọ́lẹ̀ kó má bàa bọ́, ẹ̀yìn ojúgun á sì máa ro yín títí di òru. Bùbù tó ń gbá ilẹ̀ náà ò dáa, torí ikùn kò ní jẹ́ kí ẹ rí etí rẹ̀ nígbà tó bá há sábẹ́ ẹsẹ̀.

Bí a ṣe ń fi èémí wọn ìrìn

Ẹ rìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ara kọ́kọ́ móoru, lẹ́yìn náà kí ẹ mú ẹsẹ̀ yá bí ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀ kó tó kún, láì sáré. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé yín sókè. Bí ẹ bá lè ki gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ léra wọn kí ẹ tó mí, ìrìn náà mọ níwọ̀n. Bí ẹ bá lè gbé orin, kí ẹ sì kọ ọ́ dé òpin ègbè láìsí wàhálà, ìrìn afẹ́ lẹ ń rìn. Ẹ lè yára díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ ń já èémí, ẹ ti yára jù. Ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ má dúró lójijì.

Àwọn kan ní aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Kò burú, àmọ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún aláboyún, nítorí ọkàn rẹ̀ ti ń lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dìde lórí àga. Nọ́ńbà tí aago máa pè ní "ó ti pọ̀ jù" lè má jẹ́ nǹkan kan, èyí tó sì pè ní "ó dáa" lè ti pọ̀ jù. Oríkì kì í parọ́.

Kí ẹ mọ̀ pé mímí aláboyún máa ń jìn ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí ẹ mí hẹlẹ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ gun àtẹ̀gùn kò ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹ máa wá èémí, ìyẹn kì í ṣe ti oyún lásán.

Àkókò àti ọ̀nà

Àwọn àgbà wa ní aláboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù yàtọ̀ sí ohun tí nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n aago kan náà ni wọ́n jọ ń tọ́ka sí. Oòrùn ọ̀sán nílẹ̀ wa, pẹ̀lú ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára. Bí òógùn kò bá sì gbẹ, ara kò ní tutù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tún fẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á wọ́ sí ẹsẹ̀, òòyì á dé. Láti aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago mẹ́jọ àárọ̀ ló dáa jù. Ìrọ̀lẹ́ náà ṣeé ṣe lẹ́yìn aago márùn-ún àbọ̀, àmọ́ ìgbà yẹn ni ọlọ́kadà máa ń sáré jù, tí ẹ̀fọn náà sì ń jáde. Lásìkò ọyẹ́, bí eruku bá bo ojú títì débi pé ẹ kò rí òpin àdúgbò, ẹ rìn nínú ilé tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ má fi ikùn òfìfo jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan pẹ̀lú ẹ̀pà díẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú ti tó. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa kì í ṣe oúnjẹ ìrìn, bó ti wù kó dùn tó; kíkan rẹ̀ lè gòkè wá ta ẹlòmíràn láyà lójú ọ̀nà. Ẹ mu ife omi kan kí ẹ tó jáde, kí ẹ mú píọ́ wọ́tà kan dání, kí ẹ mu ìdajì rẹ̀ lọ́nà, ìdajì tó kù nígbà tí ẹ bá délé. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, omi tí ẹ mu kò tó.

Ọ̀nà tó tẹ́jú ni kí ẹ wá, tí kò ní gọ́tà tó ya ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ títì ọlọ́kọ̀ ni, ẹ gba apá òsì, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé yín. Dípò kí ẹ gba ọ̀nà kan lọ jìnnà, ẹ yí òpópónà méjì tàbí mẹ́ta tó wà nítòsí ilé po, kí ó má ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti ibikíbi tí ẹ bá wà padà sílé. Ìtọ̀ lè gbọ̀n yín nígbàkigbà, òòyì náà kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Bó bá sì di dandan kí ẹ gba ọ̀nà kan lọ, kí ẹ sì gba ibẹ̀ bọ̀, ẹ yí padà kí àkókò tó dé ìdajì. Bó bá jẹ́ 20 ìṣẹ́jú lẹ fẹ́ rìn, ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni kí ẹ yí padà, nítorí ẹsẹ̀ kì í yá bọ̀ bó ṣe yá lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ fún ìyá ọjà kan

Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 17, kò ṣe ìdárayá rí. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìṣẹ́jú 10 ni kó rìn lọ́jọ́ mẹ́rin. Ó máa dà bí eré lójú rẹ̀. Kó má fi kún un. Lọ́sẹ̀ 18, kó di ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ 19, ìṣẹ́jú 20 lọ́jọ́ mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ 20, kó di ìṣẹ́jú 25, kó sì fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ mẹ́rin náà. Lọ́sẹ̀ 21, ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún, ó ti pé 150.

Ìdí tí a fi ń rọra gùn ún ni pé èémí máa ń tètè mọ́ra, ṣùgbọ́n okùn ara àti oríkèé kì í tètè mọ́ra. Lọ́sẹ̀ kejì, èémí á ti sọ fún un pé ó lè rìn ní ìlọ́po méjì. Ìbàdí kò tíì lóhùn sí i. Bó bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ nítorí ìnáwó tàbí àìsàn, kó padà sí iye ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kó tó tẹ̀ síwájú. Kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ Sátidé kan san gbèsè ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ òde kò sì sí nínú ìṣirò yìí. Kí èèyàn dúró ní Ojúde Ọba fún wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn, lórí bàtà gogoro, pẹ̀lú gèlè tó wúwo, kì í ṣe ìrìn. Ìdúró lójú kan burú fún aláboyún ju ìrìn lọ, nítorí bí ẹsẹ̀ kò bá mira, kò sí ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ẹni tí kò lè ṣe kó má lọ, kó mú àga tirẹ̀ dání, kó máa mi gìgísẹ̀ sókè sódò bó bá dìde.

Ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ méjì ó kéré tán wà láàrin wọn, ká ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mẹ́rin péré la mú; ìkẹrin nìkan ni ti ojoojúmọ́. Òfin kan ló kárí gbogbo wọn: ìgbà tí iṣẹ́ bá le ni kí ẹ tú èémí jáde. Ẹni tó bá di èémí mú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fò sókè, agbára náà á sì tẹ abẹ́ mọ́lẹ̀.

Jókòó-dìde ni àkọ́kọ́, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ló ń fún iṣan itan àti ìdí tó máa gbé ikùn tó ń wúwo lágbára. Ẹ wá àga onígi tó dúró gbọn-in, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó orúnkún, kí ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ má lo àga rọ́bà lórí táìlì. Bí ìwúwo bá bọ́ sí etí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ya síta, á sì yọ́ kúrò nídìí yín. Ẹ jókòó sí iwájú àga, kì í ṣe kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀ ju ìbàdí lọ kí ikùn lè ráyè, kí ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí gìgísẹ̀ fi wọ abẹ́ orúnkún. Ẹ tẹ síwájú láti ìbàdí títí imú á fi wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ tú èémí, kí ẹ dìde bí ẹ ṣe ń ka ení, èjì. Ẹ dúró ṣánṣán. Ẹ wá jókòó padà bí ẹ ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ìdí máa wá àga lẹ́yìn, kí ó má já bọ́ lójijì. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí orúnkún méjèèjì máa wọlé pàdé ara wọn bí a ṣe ń dìde. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí ni kò tíì lágbára, oríkèé orúnkún àti ìbàdí ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ gbé aṣọ tí ẹ ká dáadáa sórí ìjókòó kó lè ga sí i, kí ẹ máa wo orúnkún kí ó dojú kọ ìka kejì ẹsẹ̀. Bó bá ti tọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yọ aṣọ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀méjìlá.

Ìkejì ni títi ògiri. Ẹ dojú kọ ògiri, ẹ fi ìṣísẹ̀ kan jìnnà sí i, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní gíga àyà, kó fẹ̀ díẹ̀ ju èjìká lọ. Ẹ ká ìgúnpá títí imú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kí ẹ tú èémí bí ẹ ṣe ń ti ara padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mejì. Ara gbọ́dọ̀ tọ́ bí pákó láti orí dé gìgísẹ̀. Bí ikùn bá ń fà wá síwájú tí ẹ̀yìn sì tẹ̀, ẹ sún mọ́ ògiri sí i. Ẹ má wọ ìbọ̀sẹ̀ lórí táìlì.

Ìkẹta jẹ́ fún òkè ẹ̀yìn tí ọmú tó ń wúwo ń fà síwájú. Líítà omi kan wúwo ní kílò kan, nítorí náà ìgò omi ni òṣùwọ̀n yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò rọ́bà 75 sẹ̀ńtílítà tó kún. Ẹ fi ọwọ́ òsì ti orí tábìlì, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ìgò wà lọ́wọ́ ọ̀tún tó na sílẹ̀. Ẹ fa ìgúnpá sẹ́yìn títí ìgò á fi dé ẹ̀gbẹ́ ìhà, kí ẹ rọra dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ rọra nà ró. Bí a bá tẹ̀ tí a sì nà lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ti wálẹ̀ kò ní bá wa dìde. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá bá ti di eré, ẹ lo ìgò líítà kan àbọ̀. Kò sí ìdí láti kọjá ìyẹn.

Ìkẹrin kò gba àga, kò gba ìgò, ẹ lè ṣe é nídìí ọjà kí oníbàárà má mọ̀. Iṣan tó wà lábẹ́, tó ń di ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mú, ni. Ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ki isó mọ́lẹ̀ kó sì tún dá ìtọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fà á sókè sínú, kí ẹ kà dé márùn-ún, kí ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ kà dé márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bí ìdí bá ń gbéra lórí àga, ìdí lẹ ń fún, kì í ṣe abẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń rin bí ẹni tó ń yàgbẹ́, òdìkejì rẹ̀ gan-an lẹ ń ṣe. Títú u sílẹ̀ ṣe pàtàkì bíi fífà á sókè, torí ọ̀nà kan náà ni ọmọ máa gbà. Ẹ má máa fi ìtọ̀ gidi kọ́ ọ lójoojúmọ́, nítorí ó lè jẹ́ kí ìtọ̀ ṣẹ́ kù nínú.

Ẹ má ṣe ìdárayá kankan tó gba kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja. Bí oyún bá ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ 20, ìwúwo ilé ọmọ lè tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Òòyì àti èébì tó máa ń kọlu ẹlòmíràn bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kó yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, á rọlẹ̀. Bákan náà, ẹ má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nípa gbígbé àyà sókè tààrà. Bí ẹ bá wo ikùn nígbà náà, ẹ lè rí i pé àárín rẹ̀ yọ gọngọ bí òkè orùlé. Iṣan ikùn méjèèjì ló ń ya kúrò lára ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ti ara dìde.

Kẹ́ẹ̀gì 25 líítà, kílò 25 ni bó bá kún fún omi. Okùn kànga náà, ikùn la fi ń fà á, a sì ń lọ́ ẹ̀yìn. Èyí kò sí lára ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pọn ọ́n.

Bí egungun iwájú bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ wa. Lọ́sẹ̀ 22, ìrìn rẹ̀ ti pé 30 ìṣẹ́jú. Lóru ọjọ́ kan, bó ṣe yí padà, ohun kan gún un níwájú, lórí egungun tó wà lókè abẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kejì, ó dùn ún nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó tún dùn ún nígbà tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan láti wọ pátá. Ìrìn nìkan kò dùn ún púpọ̀. Oríkèé ìbàdí tó ti dẹ̀ ló ń lọ́ díẹ̀ nígbàkigbà tí ìwúwo bá bọ́ sí ẹsẹ̀ kan. Bó bá wo ìrìn rẹ̀, ó máa rí i pé ó ti ń na ẹsẹ̀ jù, pàápàá níbi tí títì ti dagẹ̀rẹ̀, báàgì ọjà sì wà ní èjìká kan ṣoṣo.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí. Kó kúrú ìṣísẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ kan kò fi ní jìnnà sí èkejì. Kó pín 30 ìṣẹ́jú sí méjì, 15 láàárọ̀, 15 nírọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kó jókòó wọ aṣọ. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó pa orúnkún méjèèjì pọ̀, kó yí gbogbo ara síta lẹ́ẹ̀kan, kó tó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Tó bá sùn, kó fi ìrọ̀rí sáàrin orúnkún. Lórí jókòó-dìde, kó gbé aṣọ padà sórí àga. Bí ìrora bá rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ń tiro, tàbí tí ìrora kò jẹ́ kó sùn, kó dá ìrìn dúró, kó sì ní kí wọ́n fi òun hàn sí oníṣègùn tó ń tọ́jú iṣan àti egungun nílé ìwòsàn.

Ìrora tó yàtọ̀ síyẹn ni èyí tó ń gún ni lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn nígbà tí a bá sín tàbí tí a yára yí padà, tó sì lọ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Okùn tó gbé ilé ọmọ dúró ló ń nà. Ẹ dúró, ẹ tẹ síhà ibi tó ń dùn náà díẹ̀ títí á fi lọ.

Ohun tó gbọ́dọ̀ dá yín padà

Bí òòyì bá dé lójú ọ̀nà, ẹ jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, eruku tàbí kò sí eruku. Bí ibẹ̀ bá gbà, ẹ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Aṣọ ṣeé fọ̀. Bó bá lọ lẹ́yìn omi àti ìsinmi, ẹ padà sílé, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá dákú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Ikùn lè le kó sì rọ̀ láìsí ìrora nígbà tí ẹ bá ń rìn. Ẹ mu omi, ẹ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Bó bá ń padà wá léraléra láàrin wákàtí kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti sinmi, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ lójú ara, bó ti wù kó kéré tó, àti omi tó ń jò tí kì í ṣe ìtọ̀, àti ìrora àyà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀fọ́rí líle tí kò lọ, ojú tó ń rí ìmọ́lẹ̀ bàìbàì, tàbí ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ga ló lè fa gbogbo rẹ̀; ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú díẹ̀ lálẹ́ wọ́pọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan; ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdí tàbí òróró kankan wọ́ ọ. Wíwọ́ yẹn lè já ẹ̀jẹ̀ dídì náà, kó sì gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá sì ti mọ ìmira ọmọ yín, tó wá dákẹ́ tàbí tó dínkù, tàbí tí ẹ kò bá tíì gbọ́ ìmira kankan nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 24, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Nítorí èyí, ẹ fi káàdì àyẹ̀wò, owó ọkọ̀ àti fóònù tó ní iná sínú àpò kékeré kan, kí ẹ so ó kọ́ ìlẹ̀kùn níbi tí bàtà ìrìn wà, kí ẹ sì sọ òpópónà tí ẹ ń gbà fún ẹnì kan nílé kí ẹ tó jáde.